Ìròyìn lórí òṣì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí férémù ìṣẹ̀lẹ̀ àti férémù gbogboogbò

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn, àwọn olóòtú, àti àwọn òǹkàwé tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ ìròyìn wò ni a kọ àwọn ìdáhùn yìí fún. Ìròyìn obìnrin alákàrà tí a tú palẹ̀ nísàlẹ̀ kò ti inú ìwé ìròyìn kankan wá. Èmi ni mo kọ ọ́ fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn wa déédéé yóò mọ irú rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní férémù nínú ìròyìn?

Férémù ni ètò tí akọ̀ròyìn fi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀: ohun tí ó mú síwájú, ohun tí ó fi sílẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, àti ibi tí ó parí ọ̀rọ̀ sí. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìròyìn kan lè jẹ́ òótọ́, kí férémù rẹ̀ sì tún darí òǹkàwé sí ibi kan pàtó. Robert Entman ṣàlàyé ní ọdún 1993 pé iṣẹ́ mẹ́rin ni férémù lè ṣe: ó lè sọ ohun tí ìṣòro jẹ́, ohun tí ó fà á, ẹni tí ó jẹ̀bi tàbí tí ó jàre, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Nínú ìròyìn lórí òṣì, iṣẹ́ kejì àti ìkẹrin ni ó yẹ kí á tẹjú mọ́ jù, nítorí pé wọn ni ó ń dá òǹkàwé lóhùn nígbà tí ó bá bi ara rẹ̀ pé, «Ta ni ó yẹ kí ó dáhùn fún èyí?»

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín férémù ìṣẹ̀lẹ̀ àti férémù gbogboogbò?

Shanto Iyengar, onímọ̀ ìṣèlú ní Amẹ́ríkà, ni ó fi ìyàtọ̀ yìí múlẹ̀. Férémù ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ hàn nípasẹ̀ ẹnìkan tàbí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan, ní ibì kan: ìyá tí kò rí owó ilé ìwé san, ìdílé tí onílé lé síta. Férémù gbogboogbò máa ń fi ọ̀rọ̀ kan náà sí àárín ohun tí ó yí i ká: iye ènìyàn tí ó kàn, bí ó ti ń pọ̀ sí i tàbí dín kù láti ọdún dé ọdún, òfin àti ètò ìjọba tí ó kàn án, ọjà, owó iṣẹ́.

Ìròyìn tí kò ní èkejì nínú rẹ̀ rárá kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, ibi tí ìwọ̀n tẹ̀ sí ni à ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí gbólóhùn kan nípa ìjọba nínú ìròyìn kan, tí ó sì tìtorí rẹ̀ pè é ní ìròyìn gbogboogbò, ẹ ní kí ó padà lọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Báwo ni Iyengar ṣe mọ̀ pé férémù ń yí èrò ènìyàn padà?

Ọ̀nà méjì ni ó gbà. Àkọ́kọ́, ó yẹ ìròyìn alẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà wò, ìyẹn ABC, CBS àti NBC, láti ọdún 1981 sí 1986. Nínú ìròyìn wọn lórí òṣì, bí a bá rí ọ̀kan tí ó jẹ́ gbogboogbò, a óò rí bíi méjì tí ó jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀.

Èkejì ni ìdánwò. Ó kó àwọn ará àdúgbò Lọ́ǹgì Áílándì ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́kì jọ, ó fi wọ́n sí yàrá tí a tò bíi pálọ̀ ilé, ó sì fi fídíò ìròyìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú hàn wọ́n. Ìròyìn méje ni ó wà nínú fídíò náà, ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà láàárín ni ó sì jẹ́ ti òṣì. Ọ̀kan yìí nìkan ni ó yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan sí èkejì: àwọn kan rí ìròyìn nípa bí òṣì ṣe ń gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn mìíràn rí ìdílé tí kò rí owó san fún ohun tí ń mú ilé móoru nígbà òtútù, àwọn mìíràn rí àwọn tí kò ní ilé lórí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ òṣì ni a torí rẹ̀ pè wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni a wá bi wọ́n léèrè, láìfi ìdáhùn kankan síwájú wọn kí wọ́n mú: kí ni ó ń fa òṣì, kí sì ni a lè ṣe láti dín in kù? A kọ ohun tí oníkálukú sọ sílẹ̀, a sì pín in sí ọ̀nà méjì: ìdáhùn tí ó ka ọ̀rọ̀ sí ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ lọ́rùn, bíi ọ̀lẹ tàbí àìkàwé, àti èyí tí ó kà á sí àwùjọ, bíi àìsí iṣẹ́ tàbí ìlànà ìjọba. Àwọn tí ó rí férémù gbogboogbò sábà máa ń mẹ́nu ba àwùjọ àti ìjọba. Àwọn tí ó rí férémù ìṣẹ̀lẹ̀ túbọ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà sórí tálákà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á fiyè sí ni pé ìròyìn wọ̀nyẹn kò bú tálákà kankan. Inú rere ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́: nígbà tí ìròyìn kò bá sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀, olùwòran yóò wá ohun tí ó fà á lára ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Kí ló dé tí àánú kò fi tó? Ṣebí ìròyìn ẹnìkan ni ó ń mú ènìyàn sunkún?

Lóòótọ́ ni. Kimberly Gross fi hàn ní ọdún 2008, nínú ìwádìí lórí òfin tí ó ti sọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n di dandan, pé férémù ìṣẹ̀lẹ̀ ń ru àánú sókè ju férémù gbogboogbò lọ, ṣùgbọ́n pé nígbà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò yí èrò àwọn ènìyàn lórí òfin náà padà tó bí férémù gbogboogbò ti ṣe. Àánú ń bẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹnìkan náà ni ó ń lọ. Ẹni tí ó káàánú ìyá kan yóò fi owó ránṣẹ́ sí ìyá náà. Kò pọn dandan kí ó bèèrè ìdí tí ìyá mìíràn ní òpópónà kejì fi wà nínú ipò kan náà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ férémù tí ìròyìn kan wà?

Ẹ jẹ́ kí á mú ìròyìn alákàrà tí mo sọ, kí á tú u palẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́wàá ni ó ní. Èkíní fi obìnrin kan ní Ìbàdàn hàn wá ní ìdájí, ó ń po ẹ̀wà lílọ̀, iná igi ń rú èéfín sí i lójú. Èkejì sọ pé ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìkẹta sọ pé àkọ́bí rẹ̀ ti kúrò ní ilé ìwé, ó ń kiri àkàrà. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: «Kóńgò ẹ̀wà ti wọ́n, òróró ti wọ́n, ẹ̀rọ ìlọta náà ti fi owó lé owó.» Ìkarùn-ún sọ pé àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde ní ọdún 2022 pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ni òṣì ń bá fínra. Ìkẹfà padà sí èrè tí ó ń jẹ lójoojúmọ́. Ìkeje sọ gbèsè tí ó jẹ olówó èlé. Nínú ìkẹjọ, aládùúgbò rẹ̀ jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ ènìyàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìkẹsàn-án ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan tí ó ṣèlérí pé àwọn yóò wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìkẹwàá, ó bẹ àwọn ẹlẹ́yinjú àánú, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Ní báyìí, ẹ mú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ obìnrin náà kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ṣé ó ku ohun tí ìpínrọ̀ náà ń sọ? Nínú mẹ́jọ, kò ku nǹkan kan. Ìkarùn-ún nìkan ni ó dúró ṣinṣin. Ìkẹrin ni ó ṣòro: pé ọjà wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò sọ ìdí tí ó fi wọ́n, kò sì sọ ẹlòmíràn tí ó kàn, ó gbé e kalẹ̀ bí ìráhùn ẹnìkan. Èmi yóò kà á mọ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn lè má gbà fún mi. Bí a tilẹ̀ gbà pé gbogboogbò ni, méjì péré ni yóò jẹ́ nínú mẹ́wàá. Ìròyìn yìí wà nínú férémù ìṣẹ̀lẹ̀.

Má dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn kíka ìpínrọ̀, ẹ bi ìròyìn náà ní ìbéèrè méjì tí Iyengar bi àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ni ó sọ pé ó fa òṣì obìnrin yìí? Ọkọ tí ó lọ. Ta ni ó sọ pé yóò tún un ṣe? Ẹlẹ́yinjú àánú, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò wo ọ̀rọ̀ «rẹ̀», kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà bí i tirẹ̀. Mílíọ̀nù 133 inú ìpínrọ̀ karùn-ún kò dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè méjèèjì. Ó kàn kọjá bí ẹni tí ó yà kí wọn ni.

Bí ìròyìn bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣé kò ti di gbogboogbò?

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí nìyí. Iye ènìyàn kọ́ ni ó ń sọ férémù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé márùndínlógójì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé kan ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ènìyàn tún kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Abuja. Ìròyìn tí ó sọ iye òkú, ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, bí ẹnu ọ̀nà ṣe rí, àti àwọn tí ọlọ́pàá mú, férémù ìṣẹ̀lẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó péjọ síbẹ̀. Òǹkàwé rẹ̀ yóò máa bèèrè ẹni tí kò ṣètò ibi ayẹyẹ dáadáa, ìbéèrè náà sì tọ́.

Ìròyìn tí ó bá to ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ó fi ọ̀wọ́n oúnjẹ ti ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tí ó sì bèèrè ohun tí ó mú kí òbí jí ní òru láti lọ tò fún ẹ̀bùn, férémù gbogboogbò ni èyí. Àwọn òkú kan náà ni. Ìbéèrè ni ó yàtọ̀.

Ṣé èrò tí òǹkàwé ti ní tẹ́lẹ̀ kò ní ipa tí ó ń kó?

Ó ní, ipa náà kò sì kéré. Láti kékeré ni àwa Yorùbá ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣírí ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹkàwé bá rí tálákà kan nínú ìròyìn tí kò sọ ìdí òṣì rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó ka ìpínrọ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí akọ̀ròyìn alákàrà fi ní láti wá aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí pé obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí ó fẹ̀sùn ọ̀lẹ kàn án, síbẹ̀ akọ̀ròyìn mọ̀ pé ẹ̀sùn náà ti wà nílẹ̀.

Irú tálákà tí a fi hàn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ìdánwò Iyengar, nígbà tí tálákà inú ìròyìn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn olùwòran túbọ̀ ń ka ọ̀rọ̀ sí i lọ́rùn ju ìgbà tí ó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun lọ. Martin Gilens sì ka àwòrán àwọn tálákà inú ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1988 sí 1992: ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá 29 péré ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn tálákà orílẹ̀-èdè náà gan-an. Ẹ fi méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ẹni tí akọ̀ròyìn yàn láti ya ní fọ́tò ti sọ púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹ lè yẹ irú rẹ̀ wò: ẹ ka iye ìgbà tí tálákà inú ìròyìn jẹ́ alágbe ojú ọ̀nà, kí ẹ fi wé iye ìgbà tí ó jẹ́ olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí owó rẹ̀ kò sì tó jẹun.

Ṣé férémù gbogboogbò kì í ṣìnà?

Ó máa ń ṣìnà, nídìí nọ́ńbà sì ni. NBS sọ pé ní ọdún 2019, ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 82.9, ni ó jẹ́ tálákà. Owó ni a fi wọ̀n wọ́n: ẹni tí ohun tí ó ń ná lọ́dún kò bá tó ₦137,430 ni a kà sí tálákà. Mílíọ̀nù 133 ti ọdún 2022, tí ó jẹ́ ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe owó ni a fi wọ̀n ọ́n. Ìlera, ẹ̀kọ́, ibùgbé, omi, ohun tí a fi ń dáná, iṣẹ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a ṣírò pọ̀.

Nítorí náà, ìròyìn tí ó bá sọ pé àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn di tálákà láàárín ọdún mẹ́ta ti fi ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ọ̀kan. Ó wà nínú férémù gbogboogbò lóòótọ́, kò sì tọ̀nà. Òṣì lè ti pọ̀ sí i ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nọ́ńbà méjì yìí kò lè fi iye tí ó fi pọ̀ hàn. Pé a mọ férémù ìròyìn kan kò tí ì sọ fún wa bóyá òótọ́ ni ó ń sọ.

Èmi àti ẹnìkejì mi ń ṣe ìwádìí, a sì fẹnu kò lórí ìròyìn 32 nínú 40. Ṣé kò tó?

Ó dà bí ẹni pé ó tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì pe ìròyìn 30 ní ti ìṣẹ̀lẹ̀, tí oníkálukú sì pe 10 yòókù ní gbogboogbò. Nígbà tí ti ìṣẹ̀lẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, ẹni méjì tí ó kàn ń dijú mú ìdáhùn láìka ìròyìn náà yóò ṣì fẹnu kò lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ̀n kappa tí Jacob Cohen gbé jáde ní ọdún 1960 máa ń yọ irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ kúrò. Ìfẹnukò yín jẹ́ 32 nínú 40, ìyẹn 0.80, èyí tí orí-ire nìkan lè mú wá ni (0.75 × 0.75) + (0.25 × 0.25), ìyẹn 0.625. Nítorí náà:

```
kappa = (0.80 - 0.625) / (1 - 0.625) = 0.47
```

Ìwọ̀n yìí kò dára. Nǹkan bíi 0.80 ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń wá. Ẹ má ṣe lọ jókòó kí ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ yanjú mẹ́jọ tí ẹ kò ti fẹnu kò, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wo ohun tí mẹ́jọ náà fi jọra. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú ìpínrọ̀ kẹrin ti alákàrà ni: ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn tí ó ti ẹnu ẹnìkan jáde. Ẹ kọ òfin kan lórí rẹ̀ sínú ìwé ìlànà yín, irú bíi: «Bí ìpínrọ̀ kò bá sọ ìdí, tí kò sì dárúkọ ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ kàn, kà á mọ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀.» Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìròyìn mìíràn tí ẹ kò tí ì kà rí, kí oníkálukú yín dá kà á, kí ẹ sì tún ìwọ̀n náà ṣe. Bí ẹ bá fi ìròyìn 40 ti àkọ́kọ́ dán òfin tuntun wò, ẹ ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀.

Ṣé kí akọ̀ròyìn má kọ̀wé nípa ẹnìkan mọ́ ni?

Rárá. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹnìkan náà ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dípò tí yóò fi dí i. Ẹ tún mú alákàrà wa. Ẹ jẹ́ kí ìpínrọ̀ kìíní, ìkẹta àti ìkẹrin wà bí wọ́n ṣe wà. Láti ìkarùn-ún, ẹ tọpa òróró tí ó ní ó wọ́n: owó ìrànwọ́ orí epo mọ́tò tí ìjọba yọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye náírà tí ó wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àti owó ọkọ̀ tí ó gun orí ẹrù kí ó tó dé ọjà Bódìjà. Ẹ tọpa ọmọ tí ó kúrò ní ilé ìwé: owó wo ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ọmọ mélòó ni kò padà wá ní sáà náà? Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má bi í ní ohun tí yóò ṣe fún obìnrin yìí. Ẹ bi í ní iye àwọn ará agbègbè rẹ̀ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìní, iye tí ó ti rí owó ìrànwọ́ gbà, àti bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe lè wọlé.

Iṣẹ́ irú èyí ń gba àkókò, ó sì ń gba owó ọkọ̀, olóòtú kò sì ní fún akọ̀ròyìn ní ọjọ́ mẹ́ta fún ohun tí ẹlòmíràn lè fi fọ́tò kan parí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Èyí jẹ́ ìdí gidi tí férémù ìṣẹ̀lẹ̀ fi pọ̀, ẹni tí ó bá sì ń ṣe ìwádìí yẹ kí ó bèèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn kí ó tó sọ pé wọn kò bìkítà.

Ibo ni agbára ìmọ̀ yìí mọ?

Kíka férémù ń sọ ohun tí ó wà nínú ìròyìn. Kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn òǹkàwé. Bí ẹ bá rí i pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìròyìn òṣì inú ìwé ìròyìn kan jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ kò tí ì fi hàn pé àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń dá tálákà lẹ́bi. Ìdánwò nìkan ni ó lè fi ìyẹn hàn, kì í sì í ṣe orí gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ti ń jáde bákan náà. Iyengar fúnra rẹ̀ rí i pé lórí àìríṣẹ́ṣe, férémù kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà: bóyá wọ́n rí ẹnìkan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí wọ́n rí iye àwọn tí kò níṣẹ́, ọ̀pọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí ètò ọrọ̀ ajé àti ìjọba. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó yẹ kí àwọn olùwádìí wa kọ́kọ́ dán wò ní ìhà ibí: kí ẹgbẹ́ kan ka ìròyìn ẹni tí kò níṣẹ́, kí èkejì ka ìròyìn ẹni tí ó níṣẹ́ tí ìṣẹ́ ṣì ń ṣẹ́, kí a sì bi àwọn méjèèjì ní èdè Yorùbá ohun tí ó fà á àti ẹni tí yóò tún un ṣe.